Ẹ ra ìgbín, ehoro tàbí ọ̀yà ní fámù? Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe kó tó wọ ìkòkò rèé

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá. "Mo ra ìgbín láàyè, kí ni mo máa fi fọ̀ ọ́ tí yíyọ̀ ara ẹ̀ á fi tán?" "Mo la inú ràbíìtì, mo rí àmì funfun lára ẹ̀dọ̀ ẹ̀, ṣé ká sọ ọ́ nù ni?" "Ọ̀yà ńkọ́, ṣé kò lè kó Lásà ran èèyàn?" Mo ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ n kó gbogbo ẹ̀ síbì kan kẹ́ ẹ lè máa padà wá wò ó. Ẹran fámù ni mò ń sọ o, kì í ṣe èyí tí ọdẹ pa. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé iná nìkan kọ́ ló ń sọ ẹran yìí di èyí tó ṣeé jẹ: ohun tí wọ́n fún un jẹ kó tó kú, bẹ́ ẹ ṣe yọ nǹkan inú ẹ̀, àti ibi tẹ́ ẹ gbé ọ̀bẹ sí lẹ́yìn náà, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

## Kí ló wà nínú ẹran yìí gan-an?

Tẹ́ ẹ bá wọn gírámù 100 ẹran ehoro tútù, pùrótéènì inú ẹ̀ á tó gírámù 20, ọ̀rá ẹ̀ ò ní ju gírámù 5 tàbí 6 lọ. Ti ìgbín, pùrótéènì jẹ́ nǹkan bíi gírámù 16, ọ̀rá ò sì fẹ́ẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ rárá, gírámù kan sí méjì péré, ó tún ní áyọ́ọ̀nù tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ọ̀yà ní pùrótéènì tó tó gírámù 22, àmọ́ ọ̀yà yàtọ̀ torí pé tawọ-tawọ la máa ń jẹ ẹ́, ọ̀rá sì wà lábẹ́ awọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ehoro kan ṣírò ẹ̀. Ehoro tó wọn kílò méjì láàyè, tẹ́ ẹ bá yọ orí, awọ, ẹsẹ̀ àti nǹkan inú ẹ̀ kúrò, ó máa kù nǹkan bíi kílò kan pẹ̀lú eegun. Ẹ gé e sí mẹ́jọ, ègé kọ̀ọ̀kan á wọn bíi gírámù 125, ẹ yọ eegun kúrò níbẹ̀, ó ku bíi 100. Gírámù 20 pùrótéènì nìyẹn fún ẹnì kan, àgbàlagbà tó wọn kílò 60 sì nílò nǹkan bíi gírámù 48 lójúmọ́. Èèyàn mẹ́jọ lè jẹ ehoro kan tí ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín bá tẹ̀ lé e lọ́sàn-án.

Ibi tí gbogbo ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni epo. Ìgbín tí ò lọ́ràá tẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá dà á sínú òróró gbígbóná tó fi gbẹ kankan, ti "kò lọ́ràá" yẹn ti tán nìyẹn. Ẹni tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń ru, iyọ̀ àti mágì inú ọbẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mú ojú tó, kì í ṣe ẹran náà.

## Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ bi onífámù ní nǹkan mẹ́ta yìí, kẹ́ ẹ má tijú:

- Oògùn wo lẹ fún un gbẹ̀yìn, ọjọ́ wo sì ni? Ehoro tí etí ẹ̀ ń yún tàbí tí ara ẹ̀ ń ya, wọ́n máa ń gún un lábẹ́rẹ́, oògùn yẹn á sì wà nínú ẹran fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iye ọjọ́ tó yẹ kéèyàn dúró wà lára páálí oògùn, bí ò bá sí níbẹ̀ kí wọ́n bi dókítà ẹran. Onífámù tó bá ń sọ pé "àná la fún un lóògùn, kò sí wàhálà", ẹ fi ẹran ẹ̀ sílẹ̀ fún un.
- Kí ló ń jẹ? Ti ìgbín ló ṣe pàtàkì jù níbí, torí ewé tí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò tàbí oògùn apakoríko sí lè kó májèlé sí i lára kí ìgbín náà má sì kú.
- Ṣé eku máa ń wọ inú ilé ẹran yín? Ẹ máa rí ìdí tí mo fi ń béèrè ẹ̀ níwájú.

Ẹran náà fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ehoro àti ọ̀yà tó yá, ojú ẹ̀ á mọ́lẹ̀, ìdí ẹ̀ á gbẹ, kò ní sí ìgbẹ́ olómi lára irun ẹ̀. Ìgbín tó wà láàyè, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ó máa fà sínú. Tó bá kàn dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ tí ò mira, tó fúyẹ́, tó ń rùn, ó ti kú nìyẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣe èènì fún yín. Èyí tó fi nǹkan funfun dí ẹnu karawun ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò kú o, ó ń sùn ni, ẹ fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ó máa jáde.

## Ìgbín: ìṣísẹ̀ sí ìṣísẹ̀

Ìgbín ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí òun lọ́pọ̀ èèyàn ń kánjú sè.

1. Ẹ febi pa á fún ọjọ́ méjì. Ẹ kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀, ẹ bò ó, ẹ máa wọ́n omi díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ má fún wọn ní nǹkan kan jẹ. Ẹ máa ṣan ìgbẹ́ wọn dànù láàárọ̀. Yẹ̀pẹ̀ àti ewé tó wà nínú ìfun wọn á jáde lásìkò yẹn, ẹ máa rí i pé ìgbẹ́ ọjọ́ kejì ò ní pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.
2. Ẹ fọ karawun kẹ́ ẹ tó fọ́ ọ. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ti tó. Tẹ́ ẹ bá fọ́ karawun tó dọ̀tí, ẹrẹ̀ ara ẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ẹran.
3. Ẹ yọ ọ́ jáde. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, ẹ fi òòlù kékeré kan ìdí ẹ̀ tó ṣe ṣónṣó, á já ohun tó so mọ́, ẹ wá fà á láti ẹnu. Ìkejì ni kẹ́ ẹ jù ú sínú omi tó ń hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ fi fọ́ọ̀kì fà á yọ. Ìkejì yìí dáa fún ẹni tí ò fẹ́ kí èérún karawun wọnú ẹran, àmọ́ kì í ṣe pé ó ti jinná o, ẹ ṣì máa sè é.
4. Ẹ gé ìdí ẹ̀ dànù. Apá tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ tó lọ́ pọ̀ yẹn, tó dúdú tó tún rọ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀ ìgbín ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sè é, wọ́n ní ibẹ̀ ló dùn jù, ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni nǹkan tí ò dáa tí ìgbín bá jẹ máa ń jókòó sí, torí náà ẹ gé e dànù. Ẹran líle tó fi ń rìn lẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀.
5. Ẹ fọ yíyọ̀ ara ẹ̀. Ẹ la ẹran náà gun kẹ́ ẹ rí inú ẹ̀. Ẹ fi álọ́ọ̀mù ra á, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú iyọ̀, tàbí gààrì, tàbí eérú mímọ́. Ẹ máa ra á, ẹ ṣan án, ẹ tún ra á, ó máa tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ máa mọ̀ pé ó ti tó tẹ́ ẹ bá fi ìka fà á tí ò yọ̀ mọ́, tó ń dún fín-ín lábẹ́ ọwọ́. Tó bá jẹ́ álọ́ọ̀mù lẹ lò, ẹ ṣan án dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa mú ahọ́n le. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́ láéláé, mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹran náà ń fa ọṣẹ yẹn mu ni.
6. Ẹ sè é. Láti ìgbà tí omi ẹ̀ bá ti ń hó kútúkútú ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó kéré tán ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó lè dín in, yan án, tàbí kó lọ sínú ọbẹ̀.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ sísè? Kòkòrò kan wà tó ń gbé nínú ẹ̀dọ̀fóró eku. Eku á yàgbẹ́, ọmọ kòkòrò yẹn wà nínú ìgbẹ́ náà, ìgbín á jẹ ẹ́, kòkòrò náà á wá fi inú ẹran ìgbín ṣe ilé. Tí èèyàn bá jẹ ìgbín tí ò jinná, ó lè rìn lọ sí ọpọlọ, orí á máa fọ́ èèyàn burúkú-burúkú, ọrùn á le gan-gan, èébì á tẹ̀ lé e. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ béèrè ọ̀rọ̀ eku nìyẹn. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò pa á. Iyọ̀ ò pa á. Ata àti ọtí náà ò pa á, álọ́ọ̀mù sì ń yọ yíyọ̀ kúrò ni, kò sọ pé òun á pa kòkòrò. Iná ló ń pa á. Ìgbín orí ọ̀pá tí wọ́n ń yan létí títì, tí ẹ̀yìn ẹ̀ jó tí inú ẹ̀ sì tútù, tí wọn ò sè kí wọ́n tó yan, ẹ má jẹ ẹ́.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń fọ̀ ọ́, tàbí kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín tọṣẹ-tọṣẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ojú tàbí ẹnu. Ẹ má sì jẹ́ kí omi ẹ̀ ta sára ẹ̀fọ́ tàbí tòmátì tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ ní tútù.

## Ehoro: inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò

1. Ẹ gbé oúnjẹ kúrò níwájú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ fi omi sílẹ̀ fún un. Ìfun tó ṣófo ò ní tètè bẹ́ sí yín lọ́wọ́.
2. Ẹ dú u, ẹ gbé e kọ́ sókè, orí ẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà tán. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò dà tán máa ń tètè rùn.
3. Ẹ bó awọ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ họ irun ẹ̀. Bíbó ló yá jù, ó sì mọ́ jù. Tó bá jẹ́ awọ lẹ fẹ́ jẹ, omi gbígbóná tí ò tíì hó ni kẹ́ ẹ lò, tó bá ti hó awọ ehoro máa fàya torí ó fẹ́lẹ́.
4. Ẹ la ikùn ẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ fi ìka méjì gbé awọ ikùn sókè, kí orí ọ̀bẹ kọjú síta, kẹ́ ẹ má bàa gún ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Òróòro tó wà lára ẹ̀dọ̀, ẹ rọra gé e kúrò pẹ̀lú ẹran díẹ̀ lára. Tó bá bẹ́, ẹ gé ibi tó dà sí sọ nù, ẹ fọ ìyókù.
5. Ẹ wo inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kó nǹkan kan dànù. Ibí yìí làwọn èèyàn máa ń fò.

Ẹnì kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tó la ehoro ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀ pupa dáadáa, àmọ́ àwọn kókó funfun kéékèèké bí ọkà bàbà wà káàkiri lára ẹ̀. Mo ní kó wo ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín, ó ní wọ́n mọ́. Mo bi í bóyá omi wà nínú ikùn, ó ní rárá. Ẹran ìtan ńkọ́? Ó ní ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó sanra, kò rùn. Ohun tó jọ pé ó ṣe ehoro yẹn ni àrùn ẹ̀dọ̀ kan tó wọ́pọ̀ nínú ehoro, kòkòrò tójú ò lè rí ló ń fà á, ti ehoro nìkan ni, kì í wọ èèyàn lára. Mo ní kó sọ ẹ̀dọ̀ yẹn nù, kó má fún ajá, kó se ìyókù dáadáa, kó sì pe onífámù kó lè wo àwọn tó kù nínú ilé ẹran.

Ká ní kókó yẹn wà lára ẹ̀dọ̀fóró tàbí kíndìnrín náà ni, tàbí ehoro náà rù hangogo tí omi kún ikùn ẹ̀, odidi ẹ̀ ni ǹ bá ní kó rì mọ́lẹ̀. Bí ẹ ṣe máa pín in nìyí:

- Kókó funfun lára ẹ̀dọ̀ nìkan, ara tó kù mọ́: ẹ sọ ẹ̀dọ̀ nù, ẹ jẹ ìyókù.
- Àpò omi kéékèèké tó mọ́ gaara tó rọ̀ mọ́ ìfun: aràn ajá ló ń fà á, ẹ yọ wọ́n sọ nù, ẹ má fún ajá, ẹ jẹ ẹran.
- Eéwo olọ́yún níbì kan ṣoṣo: ẹ gé e láti ibi tó jìnnà sí i láìbẹ́ ẹ. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ sọ gbogbo ẹ̀ nù.
- Gbogbo ara ẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí ibà pọ́njú mú, tàbí ó ń rùn: ẹ má jẹ ẹ́.

## Ọ̀yà

Ti Lásà ná. Eku tó ń gbé fáírọ́ọ̀sì Lásà kiri kì í ṣe ọ̀yà, eku kékeré kan ni, tí ọmú ẹ̀ pọ̀, tó máa ń wọ inú ilé àti inú àká wá jẹ ọkà. Àmọ́ tí eku yẹn bá ń tọ̀ sórí oúnjẹ ọ̀yà, tàbí sórí ẹran tẹ́ ẹ sá sẹ́yìnkùlé, wàhálà lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ bò ó.

Ẹ jẹ́ kí onífámù bá yín pa á, eyín ọ̀yà kì í ṣe eré. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ da omi gbígbóná sí i lára díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ họ irun ẹ̀. Irun ọ̀yà le, àmọ́ ó ń tú wẹ́rẹ́ tí omi bá gbóná tó.
2. Èyí tó kù, ẹ fi iná igi tàbí iná gáàsì rà á. Ẹ má fi táyà jó o o. Ẹ̀ẹ́fín táyà ń lẹ̀ mọ́ awọ, ọṣẹ ò sì lè fọ̀ ọ́ kúrò, awọ yẹn náà lẹ tún máa jẹ. Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀yà tó dúdú bí èédú tó ń rùn bíi rọ́bà lọ́jà, ẹ kọjá ní tiyín.
3. Ẹ fi kànìnkànìn họ awọ ẹ̀ títí tó fi mọ́, kẹ́ ẹ tó la ikùn. Ìfun ọ̀yà gùn, ó sì tóbi, ẹ rọra fà á jáde lódidi. Ẹ wo ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró bí mo ṣe ṣàlàyé lókè.

Ẹ̀gbé ọ̀yà ńkọ́, èyí tí wọ́n ti fi èéfín gbẹ? Kó gbẹ lóde ò sọ pé ó jinná nínú. Ẹ já a wò kẹ́ ẹ tó rà á: tí inú ẹ̀ bá rọ̀, tó ń rùn, tàbí tí ìdin wà níbẹ̀, ẹ dá a padà. Tí eṣinṣin ò bà á rárá tó sì ń rùn bí ọtapiápíá, ìyẹn gan-an ló léwu jù, torí àwọn kan máa ń fín in kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ rẹ èyí tó dáa sínú omi gbígbóná, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tún un sè kó tó wọnú ọbẹ̀.

## Sísè àti pípa mọ́

Ehoro ọmọ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ìṣẹ́jú 40 lórí iná tí ò le jù ti tó. Abo ehoro tó ti bímọ lọ́pọ̀ ìgbà, àti ọ̀yà tó dàgbà, wákàtí kan tàbí kó lé. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà oúnjẹ, ẹ tì í bọ ibi tó nípọn jù ní ìtan, kó tó 74 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Bí ẹ ò bá ní, ẹ gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun: omi tó bá jáde gbọ́dọ̀ mọ́, kó má pọ́n, kí ẹran sì máa ṣí kúrò lára eegun. Ehoro ò lọ́ràá, iná tó le máa sọ ọ́ di igi, ẹ bò ó pẹ̀lú omi díẹ̀ àti àlùbọ́sà.

Pákó àti ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi gé e ní tútù, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná kẹ́ ẹ tó fi gé ata tàbí ẹ̀fọ́. Inú bàsíà ni kẹ́ ẹ ti fọ ẹran, tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi lé e lórí ó máa ta kiri gbogbo ilé ìdáná.

Ẹran tó ti jinná ò gbọ́dọ̀ wà níta ju wákàtí méjì lọ, lásìkò ooru wákàtí kan ni. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má máa ṣí fírísà wò! Fírísà tó kún tẹ́ ẹ ò ṣí lè gbé ẹran dé wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì á gbé e dé 24, fríjì lásán ò ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ẹran tí yìnyín ṣì wà lára ẹ̀ lè padà sí fírísà, èyí tó ti yọ́ tó sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́, sísè ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ò lè tún un ṣe, torí májèlé tí bakitéríà kan ti ṣe sínú ẹ̀ kì í bá iná lọ.

## Ta ló yẹ kó ṣọ́ra?

- Ẹni tí edé tàbí akàn máa ń mú ara ẹ̀ yún tàbí tí ètè ẹ̀ máa ń wú. Ìgbín lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ikọ́ fée ń ṣe gan-an ló yẹ kó ṣọ́ra jù.
- Aláboyún: ó lè jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó ṣáà jinná dénú, kó má sì jẹ́ òun ló máa fọ ẹran tútù láì wọ ìbọ̀wọ́.
- Ọmọ kékeré: ìgbín ń fà bíi rọ́bà, ó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹ gé e wẹ́wẹ́. Eegun ehoro náà tínrín, ó ń já ṣónṣó, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó bu fún wọn.

## Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun

Ẹ má kó ẹ̀gbé ọ̀yà sínú báàgì lọ sí Ìlú Ọba, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú ni. Ní Amẹ́ríkà, ìgbín ńlá ilẹ̀ wa láàyè ò bófin mu láìsí ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin ará Bùràsíìlì àti Kúbà, ìgbín ńlá tẹ́ ẹ ń rí lẹ́yìn ilé lásìkò òjò, ẹ má ṣà á jẹ, wọ́n ti rí kòkòrò ẹ̀dọ̀fóró eku yẹn nínú ìgbín ní ìlú méjèèjì, ẹ sì má fi ọwọ́ lásán kó o. Ehoro fámù wà lọ́wọ́ àwọn alápatà ní Ìlú Ọba, ìgbín inú yìnyín tí wọ́n ti sè náà wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fríjì mọ́jú, kì í ṣe lórí tábìlì, kẹ́ ẹ tún hó o dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sínú ata.